Àdéhùn ìpamọ́ fún àwọn aláró: kí ni a ó ṣe tí ohun tó wà lábẹ́ ìpamọ́ àti iye ọdún rẹ̀ kò fi ní yí padà nínú Yorùbá?

Ọmọ Ìtòkú

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ ògbufọ̀ kan wà lọ́wọ́ mi. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe aró láti ara ewé fẹ́ bá ẹgbẹ́ àwọn ìyá aláró kan ní Abẹ́òkúta ṣiṣẹ́ pọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni lọ́yà fi kọ àdéhùn ìpamọ́ wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹn-dí-éè. Wọ́n wá fẹ́ ẹ̀dà Yorùbá tí àwọn ìyá yóò kà, tàbí tí a óò kà sí wọn létí, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Gẹ̀ẹ́sì ní ìpamọ́ bo gbogbo ìwífún tí apá kan bá fi han apá kejì nítorí iṣẹ́ náà, ìbáà jẹ́ ní ẹnu, ní kíkọ tàbí nípa wíwo nǹkan. Ó dárúkọ ìlànà ìṣiṣẹ́, iye owó àti orúkọ oníbàárà, ó sì ní kò mọ sí ìwọ̀nyẹn. Ọdún 2 ni àdéhùn, ìpamọ́ yóò sì wà fún ọdún 5 lẹ́yìn tó bá parí. Ohun tí mo kọ rèé:

> Ọ̀rọ̀ àṣírí ni ìlànà ìṣiṣẹ́, iye owó àti orúkọ oníbàárà tí ilé iṣẹ́ bá sọ fún ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ọdún márùn-ún tí àdéhùn bá parí.

Ṣé ó bá Gẹ̀ẹ́sì mu?

Àgbà Ògbufọ̀

Ẹ kú iṣẹ́. N kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: tí wọ́n bá fọwọ́ sí èyí, àdéhùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọn yóò ní, ọ̀kan ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan ní Yorùbá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo gbólóhùn kejì. Ẹni tí kò bá rí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yóò gbọ́ ọ pé kí ọdún márùn-ún kọ́kọ́ kọjá lẹ́yìn àdéhùn, ìgbà yẹn ni èèwọ̀ yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Títí di ìgbà náà, ó lè máa sọ ọ́ kiri ọjà. Gẹ̀ẹ́sì ní èèwọ̀ ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì kúrò nígbà tí ọdún márùn-ún náà bá pé. Òdìkejì pátápátá ni. "Lẹ́yìn" tí ẹ gbé síwájú ọdún ló fà á. Ìparí àdéhùn ló yẹ kó ṣáájú. Nǹkan mẹ́ta ló wà nínú gbólóhùn yẹn, ẹ má pa wọ́n pọ̀: ìgbà tí èèwọ̀ bẹ̀rẹ̀, bí yóò ṣe pẹ́ tó, àti ọjọ́ tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún. Bí èmi yóò ṣe kọ ọ́ nìyí:

> Láti ọjọ́ tí a bá ti fi Ohun Ìpamọ́ han ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ fi í han ẹlòmíràn. Èèwọ̀ yìí yóò wà ní gbogbo ìgbà tí àdéhùn yìí bá fi wà. Nígbà tí àdéhùn bá sì parí, èèwọ̀ náà yóò tún wà fún ọdún 5 sí i, tí a ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ọjọ́ tí àdéhùn parí.

Ó gùn, àmọ́ kò sí bí ènìyàn ṣe lè gbọ́ ọ sódì.

Gbólóhùn àkọ́kọ́ ló wá le jù. Gẹ̀ẹ́sì ní apá kan sí apá kejì: àwọn ìyá náà ní ohun tí ilé iṣẹ́ kò gbọdọ̀ gbé jáde. Ti yín ní ohun tí "ilé iṣẹ́ bá sọ fún ẹgbẹ́". Ẹ ti já ààbò àwọn ìyá kúrò pátá. Ẹ wò ó pẹ̀lú pé "ọ̀rọ̀" àti "sọ" mú kí ó dà bíi pé ohun tí ẹnu bá gbé jáde nìkan ni. Tí ẹnìkan bá fi ìgò aró kan hàn wọ́n láìsọ̀rọ̀, tàbí tí wọ́n bá wo bí ẹ̀rọ ṣe ń yí, kò sí níbẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dárúkọ wíwo. Ìdí tí mo fi ń sọ pé "Ohun Ìpamọ́" àti "fi hàn" nìyẹn. Mo sì máa ń sá fún "àṣírí" nínú irú ìwé yìí, torí pé létí ọ̀pọ̀ àgbà, ohun tó ń dójú tini, tàbí ọ̀rọ̀ awo, ni àṣírí.

Èyí tó kẹ́yìn: "Ọ̀rọ̀ àṣírí ni ìlànà, iye owó àti orúkọ." Ẹ ti ti ilẹ̀kùn. Mẹ́ta yẹn ló kù, kò sí ẹ̀kẹrin. Àpẹẹrẹ ni Gẹ̀ẹ́sì fi wọ́n ṣe. Ẹ kọ́kọ́ sọ gbogbo rẹ̀, kí ẹ tó wá ní "lára wọn ni ìlànà ìṣiṣẹ́, iye owó àti orúkọ oníbàárà wà, ṣùgbọ́n kò mọ sí ìwọ̀nyí". Ẹ má sì fi "pẹ̀lú" ṣe é o. "Gbogbo ìwífún pẹ̀lú iye owó" lè jẹ́ pé iye owó wà lára ìwífún, ó sì lè jẹ́ pé nǹkan méjì tí a kó papọ̀ ni wọ́n.

Dáyọ̀ Lọ́yà

Ẹ kú àlàyé, sà. Mo gbà púpọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi ojú òfin kún un. Ọ̀pọ̀ àdéhùn báyìí ní ìpín kan tó sọ pé bí èdè méjèèjì bá takora, ti Gẹ̀ẹ́sì ni a ó tẹ̀lé. Tí ìpín yẹn bá wà níbẹ̀, ẹ̀dà Yorùbá kàn jẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún òye ni, ẹ má ṣe pa ara yín lórí rẹ̀.

Ní ti ọdún, kí ló dé tí a kò kàn kọ ọjọ́ sí i? Ká ní wọ́n fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹta, 2026. Ọdún 2 yóò pé ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹta, 2028. Ẹ ro ọdún 5 mọ́ ọn, ó di ọjọ́ 1, oṣù Kẹta, 2033. Ẹ kọ ọjọ́ yẹn sílẹ̀, ó tán. Ìyá tí kò kàwé púpọ̀ náà mọ 2033.

Àgbà Ògbufọ̀

Lọ́yà wa, ẹ ṣé. Ohun tí ẹ sọ nípa èdè tó lékè wà bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò tán síbẹ̀. Tí ìpín yẹn bá wà nínú Gẹ̀ẹ́sì, ó gbọ́dọ̀ hàn kedere nínú Yorùbá pẹ̀lú, kí ẹni tó ń fọwọ́ sí i mọ̀ pé ìwé tí òun kò lè kà ló máa borí èyí tí òun ń kà. Ẹ̀yin náà sì mọ òfin tó ń dáàbò bo aláìmọ̀wé ju mi lọ. Ẹni tó bá kọ ìwé fún aláìmọ̀wé gbọ́dọ̀ kà á fún un, kí ó túmọ̀ rẹ̀ kó tó tẹ̀ka, kí ó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i. Ní kóòtù, ìbéèrè yóò jẹ́: kí ni ẹ kà fún un? Ẹ̀dà Yorùbá yìí ni ìdáhùn. Tí ó bá ti sọ òdìkejì Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu wo ni ẹnìkan yóò fi sọ pé ó yé ìyá náà kó tó tẹ̀ka?

Ní ti ọjọ́, ẹ ṣọ́ra. Àdéhùn lè parí ṣáájú ọdún 2. Tí ìpín kan bá wà pé apá kan lè kọ̀wé pé òun kò ṣe mọ́, tí wọ́n sì fòpin sí i ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹsàn-án, 2026, ọdún 5 yóò bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, yóò sì parí ní oṣù Kẹsàn-án, 2031. Bí Yorùbá bá ti kọ 2033 sílẹ̀, ó ti fi nǹkan bí ọdún kan àti oṣù márùn-ún kún àjàgà àwọn èèyàn, bẹ́ẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sọ bẹ́ẹ̀. Ògbufọ̀ kò láṣẹ láti ṣírò ọjọ́ tí ẹni tó kọ àdéhùn kò kọ. Ẹ lè fi ìṣirò yẹn sí ìwé àlàyé lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, kó má wọ inú àdéhùn.

Ọmọ Ìtòkú, ẹ tún Gẹ̀ẹ́sì wò dáadáa: ṣé láti ìparí àdéhùn ni wọ́n ń ka ọdún 5, àbí láti ọjọ́ tí wọ́n fi nǹkan kọ̀ọ̀kan hàn? Àwọn àdéhùn kan ń lo èkejì. Bó bá jẹ́ èkejì ni, ohun tí wọ́n fi hàn ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹrin, 2026 yóò bọ́ lọ́wọ́ ìpamọ́ ní 2031, èyí tí wọ́n fi hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ 2028 yóò sì dé 2033. Ohun kọ̀ọ̀kan ní aago tirẹ̀.

Ọmọ Ìtòkú

Ẹ ṣeun gan-an ni, sà. Mo tún un kà: láti ìparí àdéhùn ni. Ìpín fífòpin sí i ṣáájú àkókò wà níbẹ̀ lóòótọ́, ti èdè Gẹ̀ẹ́sì tó lékè náà wà níbẹ̀.

Nǹkan mìíràn wà tí n kò tíì mẹ́nu bà. Wọ́n ní ohun tí a bá sọ ní ẹnu yóò wà lábẹ́ ìpamọ́ tí ẹni tó sọ ọ́ bá kọ ọ́ sílẹ̀ ránṣẹ́ sí apá kejì láàárín ọjọ́ 30. Ohun tí a bá kọ, àmì ìpamọ́ gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Mo fẹ́ kọ ọ́ pé "àkọsílẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹnu tí a fi àmì ìpamọ́ sí láàárín ọjọ́ 30".

Ṣẹ́gun Ilé Oògùn

Ẹ bá mi dá sí i. Irú ìwé yìí ni ilé iṣẹ́ tí mo kúrò fún mi. Wọ́n ní fún ọdún 2 n kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ oògùn mìíràn ní gbogbo ìpínlẹ̀ yìí. Ṣé tí wọ́n bá túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, a lè rí ọgbọ́n dá sí i kí ó dín kù? Ebi kò mọ àṣírí.

Dáyọ̀ Lọ́yà

Ẹ pẹ̀lẹ́, bọ̀dá Ṣẹ́gun. Èyí kì í ṣe ti ìpamọ́, ìpín tó ń dá ènìyàn lọ́wọ́ kọ́ ṣíṣe òwò ni, kóòtù sì máa ń wò ó bóyá ó mọ níwọ̀n kí wọ́n tó fàyè gbà á. Ẹ mú ìwé yín lọ bá lọ́yà kan kí ó kà á. Ògbufọ̀ kò lè dín in kù, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fi kún un.

Àgbà Ògbufọ̀

Bọ̀dá Ṣẹ́gun ti ràn wá lọ́wọ́ láìmọ̀. Gẹ̀ẹ́sì àdéhùn ìpamọ́ máa ń sọ pé ẹni tó gba ohun náà kò gbọdọ̀ *lò* ó fún ìdí mìíràn yàtọ̀ sí iṣẹ́ àpapọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá nínú ìgbà mẹ́wàá tí mo bá rí i nínú Yorùbá, wọ́n á kọ ọ́ pé "kò gbọdọ̀ ṣe irú iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn". Ẹ rí i? Wọ́n ti sọ èèwọ̀ lílo ohun ìpamọ́ di èèwọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni. Bí wọ́n bá kà á bẹ́ẹ̀ fún ìyá aláró, yóò rò pé òun kò gbọdọ̀ rẹ aró fún oníbàárà mìíràn fún ọdún 7. Ẹ kọ "kò gbọdọ̀ lo Ohun Ìpamọ́ náà fún nǹkan mìíràn", kí ohun tí a kà léèwọ̀ jẹ́ ohun ìpamọ́, kó má jẹ́ iṣẹ́.

Ní ti ọjọ́ 30, gbólóhùn yẹn kò dára rárá. Ta ni yóò fi àmì sí ọ̀rọ̀ ẹnu? "Tí" tó wà láàárín lè di àkọsílẹ̀ mú, ó lè di ọ̀rọ̀ ẹnu mú, ó lè di méjèèjì mú. Ẹ kọ gbólóhùn méjì. Kí ọ̀kan jẹ́ ti àkọsílẹ̀: àmì ló nílò, kò ní ọjọ́ kankan. Kí èkejì jẹ́ ti ẹnu: ó ní ọjọ́ 30, ìwé ló sì nílò. Yorùbá kò ní kí a má kọ gbólóhùn kúkúrú méjì dípò gígùn kan.

Ìyá Elélùú

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti pẹ́ nínú iṣẹ́ aró kí ojú mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ohun méjì ni mo fẹ́ sọ.

Ọjọ́ tí ẹ ń kà yẹn, ìkà ta ni? Àwa nílé, tí a bá ní ọjà ọrún, ọjọ́ márùn-ún la kà, a ka ọjọ́ tí a ná ọjà tí ó kọjá mọ́ ọn. Tí o bá kà á bí àwọn aláwọ̀ funfun ṣe ń kà á, ọjọ́ mẹ́rin ni. Ìtàdógún náà bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ní ọgbọ̀n ọjọ́ fún èmi, láti ọjọ́ tí a sọ̀rọ̀ gan-an ni n ó ti bẹ̀rẹ̀ ìkà.

Èkejì, gbogbo aláró ló mọ bí a ṣe ń gún ewé elú nínú odó, tí a ó fi ṣù ú, tí a ó sá a sí oòrùn. Gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń ta omi eérú láti inú ìkòkò tó ní ihò nísàlẹ̀. Ìyá ìyá mi ló kọ́ ìyá mi. Tí àwọn ọmọ ilé iṣẹ́ yẹn bá wá sọ fún wa lójú ìkòkò pé báyìí ni kí a ṣe elú, ṣé ó ti di tiwọn nìyẹn? Ṣé a kò ní lè kọ́ ọmọ wa mọ́?

Dáyọ̀ Lọ́yà

Ẹ kú àlàyé, mọ̀mọ́. Ní ti ìkà ọjọ́, òfin tó ń darí ìtumọ̀ àwọn òfin ní Nàìjíríà ní kí a má ka ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Tí ẹ bá sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹfà, ọjọ́ 30 yóò pé ní ọjọ́ 1, oṣù Keje. Ní ìkà tiyín, ọjọ́ 30, oṣù Kẹfà ni. Àmọ́ àwọn òfin tí ìjọba ṣe ni òfin yẹn wà fún ní tààràtà. Ó yẹ kí àdéhùn sọ tirẹ̀. Mo tún rí i pé ìṣirò 2028 tí mo ṣe lókè náà wà lórí pé a ka ọjọ́ ìbuwọ́lù mọ́ ọn; tí a kò bá kà á, ọjọ́ 2, oṣù Kẹta ni.

Àgbà Ògbufọ̀

Mọ̀mọ́, ẹ kú ọpọlọ. Ẹ ti fọwọ́ kan ibi tó yẹ kí Ọmọ Ìtòkú kọ lẹ́tà ìbéèrè sí lọ́yà tó kọ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣé a ka ọjọ́ ìsọ̀rọ̀ àbí a kò kà á? Títí tí ìdáhùn yóò fi dé, "láàárín ọjọ́ 30, láì ka ọjọ́ tí a sọ ọ́" kò gbọdọ̀ wọ Yorùbá bí Gẹ̀ẹ́sì kò bá sọ ọ́. Tí lọ́yà bá gbà, kí ó fi sí èdè méjèèjì. Ẹ bi í nípa oṣù pẹ̀lú bí oṣù bá wà nínú ìwé náà, torí àwọn kan nínú àwọn ìyá lè máa ka oṣù Lárúbáwá, ọdún rẹ̀ sì fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú ju ti kàlẹ́ńdà ògiri lọ.

Ní ti elú, ìpín kan máa ń wà tó sọ ohun tí kò sí lábẹ́ ìpamọ́. Mẹ́rin ló sábà máa ń jẹ́: ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀, tí kì í ṣe ẹni tó gbà á ló tú u síta, ohun tí ẹni náà ti mọ̀ kí wọ́n tó fi hàn án, ohun tí ẹlòmíràn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́ bá fi hàn án, àti ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣàwárí láìlo ti ẹni kejì. Ohun tí mọ̀mọ́ sọ bọ́ sínú èkíní àti èkejì. Ìpín yìí ni ẹ̀ṣọ́ àwọn ìyá, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan jábọ́ nínú rẹ̀. Pàápàá jù lọ, ẹ má pa èkíní àti èkejì pọ̀ sí "ohun tí àwọn ènìyàn ti mọ̀". Ohun tí ìdílé kan ṣoṣo mọ̀ kò tíì di mímọ̀ fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ìdílé náà ti mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá pa wọ́n pọ̀, ìmọ̀ abẹ́nú ìdílé ti bọ́ sóde ààbò.

Ọmọ Ìtòkú

Ó wà níbẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣùgbọ́n wọ́n so nǹkan mọ́ èkejì: pé ẹni náà gbọ́dọ̀ lè fi àkọsílẹ̀ tó ti wà tẹ́lẹ̀ fi hàn pé òun ti mọ̀ ọ́n. Àwọn ìyá yìí kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ rí. Ṣé kí n tú u sí "tí ó bá lè fi ẹ̀rí hàn"?

Àgbà Ògbufọ̀

Rárá o. Ó wù mí bí ó ti wù yín, àmọ́ àkọsílẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì sọ. Tí ẹ bá sọ ọ́ di ẹ̀rí, àwọn ìyá yóò fọwọ́ sí i pẹ̀lú ìfọkànbalẹ̀ tí kò sí nínú ìwé tó lékè. Ẹ̀rí ẹnu aládùúgbò yóò máa dà bí ohun tó tó fún wọn, ní ọjọ́ ìjà ni wọn yóò tó mọ̀ pé kò tó. Ẹ túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe le tó, kí ẹ sì kọ̀wé sí lọ́yà pé àwọn tí ìwé yìí wà fún kò ní àkọsílẹ̀, kí wọ́n bá ara wọn sọ ọ́. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi àfikún kan sẹ́yìn àdéhùn, tí apá kọ̀ọ̀kan to ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ síbẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Àfikún yẹn ti di àkọsílẹ̀ nìyẹn.

Dáyọ̀ Lọ́yà

Mo ní ìṣòro pẹ̀lú àfikún yẹn, sà. Tí wọ́n bá kọ gbogbo ìgbésẹ̀ sí i, wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn gbé iṣẹ́ ìdílé fún ilé iṣẹ́. Tí wọ́n bá sì gbàgbé ọ̀kan, ilé iṣẹ́ yóò sọ pé "kò sí nínú àfikún, a jẹ́ pé àwa la kọ́ yín".

Àgbà Ògbufọ̀

Orúkọ ìgbésẹ̀ ni kí wọ́n kọ, kí wọ́n má kọ bí a ṣe ń ṣe é: "ṣíṣù elú", "títa omi eérú", "mímọ ìgbà tí aró bá ti pọ́n nínú ìkòkò". Wọ́n sì lè sọ níbẹ̀ pé kò mọ sí ìwọ̀nyí. Ti èkejì tí ẹ sọ, n kò ní èsì tó ṣe gúnmọ́ fún un. Ewu yẹn wà.

Ìyá Elélùú

Mímọ ìgbà tí aró pọ́n, ẹnu ni a fi ń tọ́ ọ wò, imú ni a fi ń gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tó lè kọ ìyẹn sílẹ̀. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ lásán, ó tó.

Ọmọ Ìtòkú

Mo ti tún un kọ. Ẹ wò ó:

> 1. Ohun Ìpamọ́ ni gbogbo ìwífún tí apá kan bá fi han apá kejì nítorí iṣẹ́ àpapọ̀ yìí, yálà ó sọ ọ́ ní ẹnu, ó kọ ọ́ sílẹ̀, tàbí ó jẹ́ kí apá kejì fi ojú rí i. Lára rẹ̀ ni ìlànà ìṣiṣẹ́, iye owó àti orúkọ oníbàárà wà, ṣùgbọ́n kò mọ sí ìwọ̀nyí.
>
> 2. Ohun tí a bá kọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àmì "Ìpamọ́" lára.
>
> 3. Ohun tí a bá sọ ní ẹnu yóò jẹ́ Ohun Ìpamọ́ bí ẹni tó sọ ọ́ bá kọ ọ́ sílẹ̀ ránṣẹ́ sí apá kejì láàárín ọjọ́ 30.
>
> 4. Apá tó gba Ohun Ìpamọ́ kò gbọdọ̀ fi í han ẹlòmíràn, kò sì gbọdọ̀ lò ó fún nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí iṣẹ́ àpapọ̀ yìí.

Ti ọdún, bí Àgbà ṣe kọ ọ́ ni mo gbà, àmọ́ mo fi "apá tó gbà á" rọ́pò "ẹgbẹ́". Ó ku gbólóhùn kan: Gẹ̀ẹ́sì ní èyí tó bá jẹ́ àṣírí òwò nínú ohun wọ̀nyí kò ní parí ní ọdún 5, ìpamọ́ rẹ̀ yóò wà níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì jẹ́ àṣírí òwò. Ṣé "títí láé" kò ní rọrùn jù fún wọn?

Àgbà Ògbufọ̀

Ó rọrùn, àmọ́ kì í ṣe ohun kan náà. Títí láé kò ní òpin. Èyí ní òpin tí a kò mọ ọjọ́ rẹ̀: ọjọ́ tí ìlànà náà bá di mímọ̀ fún aráyé láti ọ̀nà tó tọ́, ìpamọ́ kúrò lórí rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe sọ ọ́, "níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì jẹ́ àṣírí òwò". Níbí, mo gba "àṣírí" láàyè, torí ó ti wọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì ní bá "Ohun Ìpamọ́" jà. Ẹ sì fi sí ìpín tirẹ̀, kó má bàa dà bíi pé ó pa ọdún 5 rẹ́ fún gbogbo nǹkan.

Ìpín 1 sí 4 dára báyìí. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ wá ẹnìkan tí kò rí Gẹ̀ẹ́sì rí, ẹ kà á sí i létí, kí ẹ wá bi í ní ìbéèrè. Ẹ má bi í pé "ṣé ó yé ẹ?" torí bẹ́ẹ̀ ni yóò dáhùn. Ẹ bi í pé: tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ bá sọ nǹkan lónìí tí kò kọ ọ́ ránṣẹ́ títí oṣù méjì fi kọjá, ṣé o lè sọ ọ́ fún ẹlòmíràn? Tí àdéhùn bá parí lọ́la, ọdún mélòó ló kù? Ẹ fi ìdáhùn rẹ̀ wé Gẹ̀ẹ́sì.

Ìyá Elélùú

Ọmọ mi ti kà á fún mi. Tí kò bá kọ ọ́ ránṣẹ́ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, mo lè sọ ọ́. Tó bá parí lọ́la, ọdún márùn-ún ló kù. Ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n "apá kan" àti "apá kejì" yẹn, nígbà tí a ń kà á, n kò mọ ta ni ta ni mọ́. Nígbà míì mo rò pé àwa ni apá kejì, nígbà míì wọ́n ni. Tí wọ́n bá tún wá wo ìkòkò wa tí a kò pè wọ́n, tí wọ́n fi fóònù yà á, ṣé àwa la fi hàn wọ́n?

Ọmọ Ìtòkú

Mọ̀mọ́, ẹ ṣeun. Mo máa pe ẹni tó ní ohun náà ní "ẹni tó fi hàn", ẹni kejì ní "ẹni tó gbà á", jálẹ̀jálẹ̀, torí lẹ́tà ńlá tí a fi ń ya irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ lórí ìwé, kò ní dún létí nígbà tí a bá ń kà á. Ti yíyà tí wọn kò pè wọ́n sí yẹn, Gẹ̀ẹ́sì kò sọ nǹkan kan. Mo ti kọ ọ́ mọ́ ti ìkà ọjọ́ àti ti àkọsílẹ̀ nínú lẹ́tà ìbéèrè tí mo ń fi ránṣẹ́ sí lọ́yà wọn lónìí. N kò ní jẹ́ kí wọ́n ka ẹ̀dà yìí fún ẹnikẹ́ni títí tí yóò fi dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.